Igba Ọmọ Adìyẹ Tí Mùsílíù Dúró Dè

Èmi ni mo tẹ ìpolówó náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, torí àwọn ará Òṣíẹ̀lẹ̀ kì í ròyìn kí wọ́n má fi iyọ̀ sí i. Miriam ni orúkọ mi, ìyá Dìran. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ti ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó kan tèmi ni ti Àlímátù. Ó ń pè mí ní Àǹtí, èmi ń pè é ní Àlímátù lásán, nítorí ọdún méjìlá ni mo fi jù ú lọ. Ọ̀rẹ́ ni wá, a sì máa ń jà dáadáa.

Ọmọ Ìjẹmọ ni Àlímátù. Bàbá rẹ̀, Alhaji Sàlàhúdíìnì, ta iyọ̀ àti ṣúgà lápò-lápò fún ogójì ọdún kí ẹsẹ̀ tó dá a dúró sílé. Nídìí òṣùwọ̀n bàbá yìí ni Àlímátù ti kọ́ ẹ̀kọ́, nínú ilé tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti jẹ́ ìwé àdéhùn, tí ẹni tó bá yẹ ọ̀rọ̀ kò ní lè wo ojú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọkọ náà kú ní ọdún kẹsàn-án ìgbéyàwó wọn, ó fi Abdulbaqi àti Ummulkulthum sílẹ̀ fún un. Àpò oúnjẹ adìyẹ kan ṣoṣo ni obìnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀, ó ń tú u, ó ń wọ̀n ọ́n ní kọ́ńgò-kọ́ńgò. Lónìí, àpò oúnjẹ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ débi òrùlé, oògùn adìyẹ wà nínú firíìjì, bí o bá sì gbé ìgbẹ́ adìyẹ rẹ wá nínú ọ̀rá, yóò wò ó, yóò sọ àìsàn tó ń ṣe é fún ọ. Kì í ṣe onírọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ó tún ń gba owó ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan sílẹ̀. Búùkù ni àwọn olósìn adìyẹ ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé bí ọjà yòókù náà ni, pé bí o bá ti fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé ẹrù rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ku kí o wá gbé e. Rárá o. Ọjà tí o sanwó sí yìí kò tíì sí láyé. Ẹyin ni, ó sì lè jẹ́ pé adìyẹ kò tíì yé e pàápàá. Ilé ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin yóò kọ orúkọ gbogbo aṣojú bíi Àlímátù sílẹ̀, yóò ka iye tí wọ́n ti búùkù, yóò kó ẹyin sínú ẹ̀rọ, ọjọ́ kọkànlélógún ni ọmọ yóò jáde. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiwọn máa ń jáde. Bí ẹyin bá pa dáadáa, gbogbo ayé rí tirẹ̀ gbà. Bí kò bá pa tó, àwọn oko ńlá ni wọn yóò kọ́kọ́ fún, àwọn aṣojú kéékèèké á wá dúró de Ìṣẹ́gun mìíràn. Tó bá sì ti di àsìkò tí gbogbo ènìyàn ń wá adìyẹ Kérésìmesì, Ìṣẹ́gun mìíràn yẹn lè di mẹ́ta, ó lè di mẹ́rin.

Àlímátù mọ gbogbo èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, nítorí ilé ẹ̀rọ náà ní ìwé òyìnbó kan tí wọ́n ń fún àwọn aṣojú, èmi ni mo sì kà á fún un tí mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú ìwé yẹn pé ọjọ́ lè yẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ó bá yẹ̀ ju ọjọ́ méje lọ, ẹni tó sanwó lè gba owó rẹ̀ padà lódindi, ó lè sún un sí ìgbà mìíràn, ó sì lè yan irú adìyẹ mìíràn tó bá wà nílẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ó wá bá mi pé kí n ṣe àwòrán ìpolówó kan tí òun yóò gbé sórí Wọ́sáàpù. Mo kọ ọ́ báyìí: ọmọ adìyẹ búróílà ọlọ́jọ́ kan fún Kérésìmesì, ẹ san ìdajì sílẹ̀, ẹ san ìyókù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ ó dúró, yóò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá. Mo wá bi í léèrè pé ìwé òyìnbó yẹn ńkọ́, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọjà tó bá pẹ́. Ó wo àwòrán náà, ó ní yóò ti kún jù, pé àwọn èèyàn kì í ka ohun tó gùn lórí fóònù, pé wọ́n á sá. Ó ní kí n kọ inṣá Allahu sí ìdí ọjọ́ náà, ìyẹn ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Èmi, ọmọ Áńgílíkà, mo jókòó níbẹ̀, mo sì gbà fún un. Àwa náà ń wí pé bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ká sọ òtítọ́, àwòrán náà rẹwà bẹ́ẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ọmọ adìyẹ pupa mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí i, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Mùsílíù ará Ìtòrí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pè. Bíríkìlà ni kó tó já bọ́ láti orí àkàbà, tí orúnkún rẹ̀ kò sì padà sípò mọ́. Ó ti ń sin adìyẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìnkùlé láti ìgbà náà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ olósìn adìyẹ ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i. Àlímátù ṣí ohùn fóònù sókè bó ṣe máa ń ṣe, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní igba ọmọ adìyẹ ni òun fẹ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin, Haleemah, ti rí ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fún un títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní láti fi san owó ìgbàwọlé; bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé ni wọn yóò fún láàyè náà. Adìyẹ Kérésìmesì yìí ni òun gbójú lé. Nítorí náà òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn dájú.

Àlímátù ní, “Inṣá Allahu, bàbá.”

Ọkùnrin náà ní alhamdulillahi, ó tán. Kò tó wákàtí kan, ìdajì owó wọlé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ pé, ilé ẹ̀rọ pe Àlímátù. Ẹyin kò pa tó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n ní kó mú sùúrù di Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ síta, ó dúró lórí ìloro, ó ń fi fóònù na ọwọ́ kejì. Mo bi í pé ṣé kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni, òun kò fẹ́ pè wọ́n kí ọkàn wọn má baà dàrú lásán. Mo ní ó dáa. Ẹ rí i bí ó dáa ṣe pọ̀ lẹ́nu mi tó.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ méjì ṣáájú bí ìpolówó ṣe wí, Mùsílíù fi ìyókù owó rẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àlímátù wo fóònù, ó ní, “Bàbá yìí mà ṣèèyàn o.” Ó yẹ kó pè é lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí n pè é. Mo lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Ìṣẹ́gun tí wọ́n wí dé, ilé ẹ̀rọ ní ó tún di èyí tó ń bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ dé, wọ́n ní oko ńlá kan ti kó gbogbo rẹ̀. Àwọn tó bá pè, Àlímátù á dá wọn lóhùn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọjà ti ń bọ̀ lọ́nà, inṣá Allahu. Àwọn tí kò pè, kò bá wọn sọ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ló rò pé ọ̀la ni yóò dé, pé kí òun má fi ìròyìn búburú pe èèyàn lónìí kí ọjà sì wọlé lọ́la. Mo mọ̀ pé kò sùn dáadáa nígbà yẹn, torí ó ń bú Abdulbaqi lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Màmá Harriet, tí òun náà ti búùkù lọ́dọ̀ rẹ̀, kò fún un ní ìsinmi. Ọ̀gá ilé ìwé ni Màmá Harriet kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ohùn rẹ̀ ṣì ń pe èèyàn sórí ìlà. Láàárọ̀, á pè. Lọ́sàn-án, á pè. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá, ó wọ mọ́tò wá, ó jókòó sórí àga mi, ó ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Àlímátù dá a padà fún un lódindi, nítorí ìwé ilé ẹ̀rọ ní kó dá a padà. Màmá Harriet kọjá sọ́dọ̀ aṣojú mìíràn, ó rí adìyẹ rà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó pariwo rí ọ̀nà. Ẹni tó dákẹ́, kò mọ̀ pé ọ̀nà wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìtòrí lákòókò yẹn, lẹ́yìn ni a tó gbọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún ni Mùsílíù ti ń fi èédú mú ilé adìyẹ gbóná, torí ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan kò gbọ́dọ̀ wọ ilé tútù. Ó ti ra oúnjẹ, ó ti fọ abọ́ omi. Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pamílẹ́rìn gbé ọmọ adìyẹ wá láti ibòmíràn, ó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ní igba ó lé, ó sì fi lọ̀ ọ́ ní iye tó rà á. Mùsílíù ní rárá, ó ṣeun, òun ti búùkù, tòun wà lọ́nà. Pamílẹ́rìn tà á fún ẹlòmíràn. Mùsílíù tún da èédú sí iná.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ni ọjà dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé díẹ̀ kí Kérésìmesì pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni búróílà fi ń di ohun tí èèyàn lè gbé ka iwájú àlejò. Ọlọ́sẹ̀ márùn-ún kò tíì ju ẹyẹlé tó yó lọ. Àlímátù ti pe Mùsílíù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mùsílíù dé ní kùtùkùtù, ó ń fa ẹsẹ̀ kan, agbádá funfun tó ti gbó ló wọ̀. Ó kí wa kúulé. Ó ṣí páálí kọ̀ọ̀kan, ó wo àwọn ọmọ adìyẹ, ó fi ìka kan ra orí ọ̀kan. Kò bínú. Bó bá bínú ni, ara ì bá tù wá.

Àlímátù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣàlàyé ẹyin tí kò pa, ó ń ṣàlàyé oko ńlá. Ọkùnrin náà ní kó dìde. Ó sọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn fún wa, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Àlímátù bi í pé kí ló dé tí kò pe òun, kó tilẹ̀ bú òun.

Ó ní, “Ìyá Abdulbaqi, mo bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní inṣá Allahu. Ṣé kí n wá máa pè yín lójoojúmọ́, bí ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́?”

Ojú tì mí débi pé mo la ẹnu mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ lè gba owó yín padà lódindi. Ó wà nínú ìwé ilé ẹ̀rọ, bó bá ti ju ọjọ́ méje lọ.”

Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?”

Mo ní láti oṣù kẹsàn-án.

Ó di páálí náà padà, ó so ó ní okùn, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́. Ó wá sọ pé owó kò wúlò fún òun mọ́ báyìí, kò sí ẹni tí yóò tún rí ọmọ adìyẹ rà lóṣù yìí, ilé tí òun ti ń dáná sí kò sì gbọ́dọ̀ wà lófìfo. Ó gbé páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ibùdó ọkọ̀, Abdulbaqi bá a gbé méjì. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi lọ, mo sì sunkún.

Adìyẹ náà kò kú. Ó tọ́jú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kérésìmesì dé, àwọn oníbàárà gbé wọn wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀. Díẹ̀ ló tà, ní iye tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n tó wá tóbi, oṣù kìíní ti wọlé, owó ti tán lọ́wọ́ gbogbo ayé, adìyẹ sì ń jẹ oúnjẹ ojoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń béèrè wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ó bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní ẹni tó kàn ti san tirẹ̀.

Àwa kò mọ̀. Àárín oṣù ni Àlímátù pè é láti béèrè bí adìyẹ ṣe ń ṣe. Ó sọ ọ́ fún un ní gbólóhùn kan, ó sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bù kún ọjà rẹ̀. Àlímátù ní kó fún òun ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, òun yóò san gbogbo rẹ̀ lónìí, òun yóò ta firíìjì. Bàbá náà ní owó kọ́ ló kù mọ́, ààyè ló ti lọ. Àlímátù gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí àpò oúnjẹ, ó ní, “Àǹtí, mo ti ṣe é.” Mo ní, “A ti ṣe é.”

Ìjẹmọ ló gbà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Alhaji Sàlàhúdíìnì wà lórí ẹní rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáká. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ro gbogbo ọ̀rọ̀ láìbù ú lẹ́nu. Mo rò pé yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, torí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Kò rẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Ohun tí o kò mọ̀ ni inṣá Allahu wà fún. Èyí tí o mọ̀, ẹnu rẹ ni kí o fi sọ ọ́. O mọ̀ pé ọjọ́ lè yẹ̀, o mọ̀ pé owó ń padà. O kó ohun tí o mọ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ Ọlọ́run.”

Àlímátù wólẹ̀. Bàbá náà kò tíì parí. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mo ń kàwé fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ní ìwé kíkà tí kò lè la ẹnu kì í ṣe nǹkan kan. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni mí, mo kúnlẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ó wá ní kí a lọ kọ ọ́ tuntun, kí a má fi ohunkóhun pamọ́, kí a sì gbé e lọ kà fún ẹni tí a ṣẹ̀ kí a tó gbé e fún ayé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní, a tún fẹ́ kó kúrú, a ya á dànù. A kọ ọ́ sí òkè gan-an pé ọjà yìí kò tíì sí nílẹ̀, ẹyin ni, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin ń lò nínú ẹ̀rọ, àti pé ọjọ́ tí a bá parí gbígba orúkọ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kì í ṣe ọjọ́ tí owó rẹ wọlé. A kọ ọ́ pé ìdajì ni o ó san, pé iye tí o fi búùkù kò ní yí padà bí ọjà bá tilẹ̀ gbówó lórí, àti pé a kò ní gba ìyókù títí ilé ẹ̀rọ yóò fi sọ pé ọmọ tìrẹ ti jáde. A kọ ibi tó korò fún olùrà náà: bó bá jẹ́ pé ìwọ lo yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹyin ti wọ ẹ̀rọ, ìdajì yẹn kò ní padà àfi bí a bá rí ẹni gbà á. Àlímátù kò fẹ́ kọ ìyẹn, ó ní yóò lé wọn sá. Mo ní kí wọ́n sá, kí wọ́n tètè sá. A wá kọ ìyókù: ọjọ́ lè yẹ̀, ní pàtàkì ní àsìkò ọdún, bó bá ju ọjọ́ méje lọ, o lè dúró, o lè yan irú mìíràn, o sì lè gba owó rẹ lódindi láàárín ọjọ́ méjì láìjà. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá ṣe é yẹ̀, kó sọ fún wa kó tó sanwó. Bí o kò bá rí ọjà lọ́jọ́ tí a dá, pè wá. Inṣá Allahu wà ní ìparí, Àlímátù ní òun kò lè yọ ọ́, mo sì rò pé kò yẹ kó yọ ọ́.

A wọ mọ́tò lọ sí Ìtòrí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àlímátù mú gbogbo èrè tó jẹ lórí igba adìyẹ náà dání, ó kúnlẹ̀ fi lé Mùsílíù lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gbà á, ó ní ó ṣeun, kò ṣe àsọdùn kankan. Adìyẹ tó kù ń ké lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí a sọ pé a mú ìpolówó tuntun wá kà fún un, ó ní ìwé kò yé òun tó bẹ́ẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá kà á.

Haleemah jáde wá, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, oúnjẹ adìyẹ kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó nu ọwọ́, ó gba fóònù Àlímátù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ó kà á dáadáa, kò kánjú. Bàbá rẹ̀ ń mi orí. Nígbà tó kan ibi owó tó ń padà, ó dúró díẹ̀, ó tún un kà kí bàbá rẹ̀ lè gbọ́ ọ, ó sì ń bá a lọ. Ó wá dé ibi tí a kọ ọ́ sí pé pè wá. Kò ka èyí tó kù.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ yí ibí yìí padà. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa pe oníbàárà.”

Àlímátù ní, “Mo gbọ́, ọmọ mi.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Haleemah wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ ààyè, bàbá náà sì wo ilẹ̀.

Ó ní, “Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, bàbá mi ò pè yín. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún yín ní àsùbáà, pé ohun tó dá yín dúró, kí Ọlọ́run bá yín mú un kúrò lọ́nà.”

Ó na fóònù sí wa. Èmi ni mo gbà á, mo pa “pè wá” rẹ́, mo kọ ọ́ pé a ó pè ọ́, mo sì fún un padà pé kó ka ìyókù.